Owó Màlúù Tó Wà Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n

Ẹni tó bá ti ṣe akápò ẹbí rí mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Níbi ìpàdé, ẹ̀gbọ́n dìde, ó ní òun á mú ₦200,000 wá sórí màlúù tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìrántí ọdún kan Bàbá. Ilé pàtẹ́wọ́, àwọn ìyàwó ilé súre fún un, akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù méjì kọjá, owó ò dé. Àbúrò tó di àpò mú ò mọ ẹnu tí òun yóò fi béèrè, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀wọ̀ ló pa òun lẹ́nu mọ́.

Èmi ò gbà pé ọ̀wọ̀ ni. Bí ìnáwó bá ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n lè sọ pé ọjà ò tà, kó dá iye tí agbára rẹ̀ ká, kí ẹbí sì tún ètò tò. Bí ó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, kò sí èsì tó lè fọ̀ tí ojú ò ní tì í. Akápò tó dákẹ́ di ìgbà yẹn ti gba àyè ẹnu lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ti wù kó kúnlẹ̀ tó nígbà tó ń béèrè. Bí ìnáwó bá sì bọ́ sítòsí Iléyá, ẹni tó ń lọ ra màlúù ní kára Akínyẹlé, n'Ìbàdàn, mọ̀ pé owó orí ẹran ò ní dúró síbi tó wà.

Ọ̀nà tí ìránnilétí gbà dé etí ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Ojú Wasáàpù ẹbí ni ọ̀pọ̀ ń gbà lóde òní. Wọ́n á to orúkọ gbogbo ènìyàn, wọ́n á fi àmì síwájú ẹni tó ti san, wọ́n á fi iwájú ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ lófìfo. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní lísìtì lásán ni. Àmọ́ àwọn ọmọ tó bí wà níbẹ̀, wọ́n ń kà á. Àwọn mìíràn á fi ọ̀rọ̀ rán ìyàwó rẹ̀, èyí sì burú ju lísìtì lọ lójú tèmi. Bóyá ìyàwó ò tilẹ̀ gbọ́ pé ọkọ òun ṣèlérí ₦200,000 nígbà tí owó iléèwé ọmọ wà nílẹ̀. Akápò ti dá ìjà sílẹ̀ nílé onílé nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ni kí akápò pè, lálẹ́, nígbà tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Kó kí i, kó béèrè àwọn ọmọ, kó wá sọ ọ́ báyìí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ màlúù Bàbá ni mo ní kí n fi tó yín létí. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ sí kára. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ká ka tiyín mọ́ ọn báyìí, àbí ká wo èyí tó kéré díẹ̀?”

Wọ́n ní abọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn sọ pé “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí wa o,” èsì tí yóò gbà ni “Ọlọ́run á ṣe é,” oníkálùkù á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú abọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n lè sọ pé “Ẹ wo kékeré” láìjẹ́ pé ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò ní.

Ká ní ó dáhùn pé ₦80,000 ló wà lọ́wọ́. Ibí ni ìtẹríba àti òtítọ́ ti fẹ́ kọlu ara wọn, nítorí àwọn akápò kan á kọ ₦200,000 sínú ìwé kí ojú má baà ti àgbà, wọ́n á wá fi owó ìrẹsì dí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣírò, olè ni wọn. Kó kọ ₦80,000, kó sì kọ síwájú rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n ti fi tó ẹbí létí ṣáájú. Bí wọ́n bá ń dáwó ní ìdí-igi, kó tètè sọ fún àwọn ọmọ ìyá ẹ̀gbọ́n, torí ọrùn wọn ni ìyókù ń bọ̀.

Bí “mo ń bọ̀” bá jẹ́ èsì ẹ̀gbọ́n, tí Sátidé sì kọjá, kí akápò má pè é mọ́. Olórí ẹbí ló kù tó lè bá a sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, iye tó bá wà nínú àpò ni kí wọ́n fi ra ẹran. Bí owó ẹ̀gbọ́n bá wá dé lẹ́yìn ìnáwó, kí akápò gbà á, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó kí i pé ó ṣeun, kó má sì bi í pé ibo ló wà látọjọ́ yìí.