Májẹ̀mú Ìtúsílẹ̀: Láti Ọ̀dọ̀ Ábúráhámù Dé Ọ̀dọ̀ Jeremáyà

IBI KÍKÀ: Jeremáyà 34:8-22

ÀFIKÚN: Gẹ́nẹ́sísì 15:7-18, Ẹ́kísódù 21:2, Deuterónómì 15:12-15, 2 Sámúẹ́lì 7:12-16, Jeremáyà 31:31-34

ẸSẸ ÀKỌ́SÓRÍ: Jeremáyà 31:33

ÈTE Ẹ̀KỌ́: Kí a lè rí i pé okùn kan ṣoṣo ni ó so àwọn májẹ̀mú inú Májẹ̀mú Láéláé pọ̀, àti kí a lè fi okùn náà wọn àdéhùn tí àwa fúnra wa ń ṣe.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, Ọ̀gbà àti Agége mọ̀ pé ìgbà ìdààmú ni à ń dá àdéhùn, ṣùgbọ́n ìgbà ìrọ̀rùn ni à ń mọ ẹni tí yóò mú un ṣẹ. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Olóyè Símíọ́nì Adébọ̀ dámọ̀ràn pé kí a fi owó kún owó àwọn òṣìṣẹ́ nítorí ọjà tí ó wọ́n, àwọn agbanisíṣẹ́ kan kò fẹ́ san án. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971, àwọn òṣìṣẹ́ ní Ìkẹjà da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀ràn náà. Láti ìgbà náà ni irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé lóòrèkóòrè láàrin ọ̀gá àti òṣìṣẹ́.

Irú ọ̀ràn yìí wà nínú Jeremáyà orí 34: àwọn ọ̀gá ṣe ìlérí fún àwọn tí ń sìn wọ́n, wọ́n sì gba ìlérí náà padà. Ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nínú orí kan yìí ni májẹ̀mú Ábúráhámù, ti Sínáì àti ti Dáfídì ti pàdé. Ẹni tí ó bá yé yóò mọ ìdí tí Ọlọ́run fi ṣe ìlérí májẹ̀mú tuntun.

I. ÌLÉRÍ TÍ A GBÀ PADÀ (Jeremáyà 34:8-11)

Ní nǹkan bí ọdún 588 kí a tó bí Olúwa wa, ogun Bábílónì dó ti Jerúsálẹ́mù. Sedekáyà ọba bá gbogbo ènìyàn ìlú dá májẹ̀mú nínú tẹ́ńpìlì pé kí olúkúlùkù dá ẹrú rẹ̀ tí í ṣe Hébérù sílẹ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Wọ́n gé ọmọ màlúù sí méjì, wọ́n sì kọjá láàrin rẹ̀. Àwọn ìjòyè, àwọn àlùfáà àti àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà ni ó kọjá.

Bíbélì kò sọ ohun tí ó sún wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ọ̀tá ti yí ìlú ká, ẹnikẹ́ni kò lè dé oko, oúnjẹ sì ń tán lọ. Ẹrú tí kò lè ṣiṣẹ́ di ẹnu tí a ní láti bọ́. Ohun tí ìtúsílẹ̀ náà ná ọ̀gá kò tó nǹkan.

Lẹ́yìn náà, ogun Fáráò jáde láti Égíptì, àwọn ará Bábílónì sì kúrò níwájú ìlú fún ìgbà díẹ̀ (Jeremáyà 37:5). Ọ̀nà oko là. Àwọn ọ̀gá rántí pé iṣẹ́ wà nílẹ̀, wọ́n sì lọ mú àwọn tí wọ́n ti dá sílẹ̀ padà sí oko ẹrú.

Irú ènìyàn wo ni àwọn ẹrú wọ̀nyí? Wọn kì í ṣe ẹni tí a kó lójú ogun. Ará ilé ni wọ́n, tí òṣì tàbí gbèsè tà. Àwọn bàbá wa mọ ohun tí ó jọ èyí, wọ́n ń pè é ní ìwọ̀fà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé owó lásán ni. Bí kò bá rí owó tí a yá san, ó lè sìn títí ọjọ́ ogbó. Òfin Ọlọ́run kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà péré ni Hébérù yóò fi sìn. Ní ọdún keje, yóò lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Báwo ni òfin yìí ṣe wá? Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn.

II. ỌLỌ́RUN NÌKAN NI Ó KỌJÁ (Gẹ́nẹ́sísì 15)

Ní èdè Hébérù, a kì í dá májẹ̀mú, a máa ń gé e ni. Gẹ́nẹ́sísì 15 fi ìdí rẹ̀ hàn. Ábúrámù mú abo màlúù, ewúrẹ́ àti àgbò, ọkọ̀ọ̀kan ọlọ́dún mẹ́ta, ó là wọ́n sí méjì, ó sì tẹ́ wọn ní ìdojúkọ ara wọn. Àwọn ẹyẹ tí ń jẹ òkú sọ̀ kalẹ̀, ó sì lé wọn. Ìtumọ̀ kíkọjá láàrin ẹran ni pé: bí mo bá da májẹ̀mú yìí, kí ó rí fún mi bí ó ti rí fún ẹran yìí.

Ó jọ ìmùlẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń ṣe. Ẹni méjèèjì ni ó ń mu ún, ẹni tí ó bá sì dalẹ̀ ni ilẹ̀ ń mú. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ náà oorun ìjìkà kun Ábúrámù, kò sì kọjá. Ìkòkò iná tí ń rú èéfín àti ògùṣọ̀ tí ń jó nìkan ni ó la àárín ẹran náà kọjá. Ọlọ́run nìkan ni ó wọ inú ìbúra.

Kí ni Ó búra lé lórí? A sábà máa ń rántí ọmọ àti ilẹ̀. Ẹ ka ẹsẹ 13 àti 14 pẹ̀lú. Ọlọ́run sọ pé irú-ọmọ Ábúrámù yóò ṣe ẹrú ní ilẹ̀ àjèjì fún irínwó ọdún, Òun yóò sì dá ilẹ̀ tí ó ń lò wọ́n lẹ́jọ́, wọn yóò sì jáde ti àwọn ti ọrọ̀ púpọ̀. Ìtúsílẹ̀ kúrò ní oko ẹrú wà nínú májẹ̀mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ni okùn tí a ń tọ̀.

III. ẸNI TÍ A TÚ SÍLẸ̀ NÁÀ GBỌ́DỌ̀ TÚ SÍLẸ̀ (Ẹ́kísódù 21, Deuterónómì 15)

Nígbà tí Ísráẹ́lì kérora ní Égíptì, Ẹ́kísódù 2:24 sọ pé Ọlọ́run rántí májẹ̀mú tí Ó bá Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù dá. Nítorí náà májẹ̀mú Sínáì kì í ṣe ohun àjèjì tí ó wá gba ipò ti Ábúráhámù. Láti inú rẹ̀ ni ó ti hù. Ọlọ́run tú wọn sílẹ̀ ná kí Ó tó fún wọn ní òfin.

Ẹ wo ohun tí ó ṣáájú nínú àwọn ìdájọ́ tí Mósè gbé ka iwájú wọn, lẹ́yìn Òfin Mẹ́wàá àti ọ̀rọ̀ pẹpẹ: ọ̀rọ̀ ẹrú tí í ṣe Hébérù, tí yóò jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún keje (Ẹ́kísódù 21:2). Deuterónómì 15 fi kún un pé kí ọ̀gá má ṣe jẹ́ kí ó lọ lọ́wọ́ òfo. Kí ó fún un nínú agbo ẹran, nínú ilẹ̀ ìpakà àti nínú ibi ìfúntí. Ìdí rẹ̀ ni pé ìwọ náà ti ṣe ẹrú ní Égíptì rí. Bí Ísráẹ́lì ti jáde pẹ̀lú ọrọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlérí Ábúráhámù, bẹ́ẹ̀ ni ẹrú gbọ́dọ̀ jáde pẹ̀lú nǹkan lọ́wọ́.

Ní Sínáì, àwọn ènìyàn náà wọ inú ìbúra. Wọ́n ní gbogbo ohun tí Olúwa wí ni àwọn yóò ṣe, Mósè sì wọ́n ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára (Ẹ́kísódù 24:7-8).

IV. ỌBA TÍ Ó YẸ KÍ Ó ṢỌ́ MÁJẸ̀MÚ (2 Sámúẹ́lì 7)

Ọlọ́run ṣe ìlérí fún Dáfídì pé ilé rẹ̀ yóò dúró. Bí ọmọ rẹ̀ bá ṣẹ̀, a ó fi ọ̀pá nà án, ṣùgbọ́n a kì yóò mú àánú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìbáwí àti ìlérí wà pa pọ̀ níbí. Ẹni tí ó bá sọ pé májẹ̀mú kan jẹ́ kìkì oore-ọ̀fẹ́, òmíràn sì jẹ́ kìkì òfin, kò tí ì ka ẹsẹ 14 àti 15 pọ̀.

Iṣẹ́ ọmọ Dáfídì ni láti ṣe ìdájọ́ òtítọ́ fún òtòṣì. Jeremáyà 22:13-17 bá Jéhóíákímù wí nítorí pé ó kọ́ ààfin ńlá, ó mú ọmọnìkejì rẹ̀ ṣiṣẹ́, kò sì san owó iṣẹ́ fún un. Sedekáyà, arákùnrin rẹ̀, ni ó jọba nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ẹrú ṣẹlẹ̀.

V. ÌDÁJỌ́ ÀTI MÁJẸ̀MÚ TUNTUN (Jeremáyà 34:12-22, 31:31-34)

Nísinsìnyí a lè gbọ́ ìdájọ́ náà dáadáa. Ọlọ́run kọ́kọ́ rán wọn létí ọjọ́ tí Ó mú àwọn bàbá wọn jáde kúrò ní oko ẹrú Égíptì. Ó wá sọ pé níwọ̀n bí wọn kò ti kéde ìtúsílẹ̀ fún ará wọn, Òun yóò kéde ìtúsílẹ̀ fún wọn: fún idà, fún àjàkálẹ̀ àrùn àti fún ìyàn. Àwọn tí ó kọjá láàrin ọmọ màlúù yóò rí bí ọmọ màlúù náà, ẹyẹ ojú ọ̀run yóò sì jẹ òkú wọn. Ẹ rántí àwọn ẹyẹ tí Ábúrámù lé. Níbí, kò sí ẹni tí yóò lé wọn. Bábílónì padà wá, ìlú sì jóná.

Ṣé okùn náà já? Rárá. Ìran Dáfídì kò parun: ní ọdún kẹtàdínlógójì ìgbèkùn rẹ̀, a mú Jéhóíákínì jáde kúrò ní túbú ní Bábílónì (2 Àwọn Ọba 25:27). Jeremáyà 33:20-21 sì sọ pé májẹ̀mú Dáfídì dúró bí májẹ̀mú ọ̀sán àti òru ti dúró, èyí tí ó rán wa létí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lẹ́yìn ìkún-omi ní ọjọ́ Nóà (Gẹ́nẹ́sísì 8:22).

Ní orí 31 ni ìlérí tuntun wà. Àwọn kan rò pé “tuntun” túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ti da òfin Rẹ̀ nù. Ẹ ka ẹsẹ 32 àti 33 dáadáa. Kò sọ pé òfin ni ó kùnà. Ó sọ pé àwọn ènìyàn ni ó da májẹ̀mú. Kò sì ṣèlérí òfin mìíràn. Òfin “mi” ni Ó wí, èyí tí a kọ sára òkúta tẹ́lẹ̀, ni a ó kọ sí ọkàn. Ibi ìkọ̀wé ni ó yí padà, pẹ̀lú ìdáríjì tí a fi kún un. Sedekáyà mọ òfin ọdún keje, ó tilẹ̀ búra sí i, ṣùgbọ́n bí ogun ti lọ ni ìbúra lọ. Ọkàn tí a kọ òfin sí kì í dúró de ogun kí ó tó ṣe òdodo, kò sì ní gba òdodo náà padà nígbà tí ogun bá lọ.

Ní alẹ́ tí a ó fi Í hàn, Jésù, ọmọ Dáfídì, pe ago ní májẹ̀mú tuntun nínú ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ (Lúùkù 22:20). Àjọ̀dún Ìrékọjá ni, oúnjẹ ìrántí ìtúsílẹ̀ kúrò ní Égíptì. Ẹni tí ó kọjá láàrin ẹran nìkan ní ọjọ́ Ábúrámù ni ó wá ru ègún àwọn tí ó da májẹ̀mú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Èé ṣe tí Ábúrámù kò fi kọjá láàrin ẹran? Kí ni èyí fi yàtọ̀ sí ìmùlẹ̀?

2. Èwo nínú àwọn ìlérí tí o ṣe nígbà ìdààmú ni o ti gbà padà nígbà tí ara tù ọ́? Ta ni ìyà rẹ̀ jẹ?

3. Bí o bá ní ọmọ-iṣẹ́ tàbí ọmọ-ọ̀dọ̀, kí ni Deuterónómì 15:13-14 béèrè lọ́wọ́ rẹ ní ọjọ́ tí yóò gba òmìnira?

4. Bí òfin bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ni ó jẹ́ tuntun nínú májẹ̀mú Jeremáyà 31?