Ojú Olójú Lọ́wọ́ Ayàwòrán

Bí ayàwòrán bá gba fọ́tò ènìyàn láti sọ ọ́ di àwòrán ọ̀dà tàbí àwòrán ẹ̀fẹ̀, èwo nínú ohun tí ó wà lójú náà ni ó ní àṣẹ láti yí padà, èwo sì ni kò ní àṣẹ lé lórí? Ìbéèrè yìí ti di ti ojoojúmọ́, nítorí pé kọ̀ǹpútà àti fóònù ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tí kò mú búrọ́ọ̀ṣì rí sì lè pàṣẹ fún wọn. Lójú àwọn kan, ìdáhùn rẹ̀ kò le rárá: iṣẹ́ ọnà ni, oníṣẹ́ ọnà sì ní òmìnira. Bí kò bá ní yí ohunkóhun padà, wọ́n ní, kí ó kúkú fi fọ́tò sílẹ̀ bí ó ti wà.

Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ti fi ọ̀bẹ dáhùn ọ̀rọ̀ yìí kí fọ́tò tó dé. Ọmọ kékeré ni a sábà máa ń torí rẹ̀ gbẹ́ ère ìbejì, ṣùgbọ́n ère náà kì í jọ ọmọ kékeré. Àgbàlagbà ni, ó dúró ṣánṣán, orí rẹ̀ a sì máa tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo gíga rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orí àgbàlagbà ènìyàn kò ju bí ìdá kan nínú méje lọ. Ẹyinjú rẹ̀ a yọ síta ju ti ènìyàn lọ. Kò sí ẹni tí yóò wo ère bẹ́ẹ̀ kí ó sọ pé agbẹ́gilére kò lo òmìnira rẹ̀. Síbẹ̀, ilà ìdílé ni ó ń fín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère náà, a sì rí òmíràn tí ó ní tírà onígun mẹ́ta láyà, àmì pé ẹ̀sìn ìmàle ti dé àdúgbò ibẹ̀. Robert Farris Thompson, tí ó wádìí lẹ́nu àwọn Yorùbá nípa ère, tí ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1973, gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wọn: jíjọra. Ère gbọ́dọ̀ jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jọ ẹnì kan jù. Ìwọ̀n ara, nígbà náà, ti agbẹ́gilére ni. Ohun tí ó ń sọ ilé tí ènìyàn ti wá kì í ṣe tirẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Ilà kì í ṣe bátànì lásán. Kíkà ni a ń kà á. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, pélé jẹ́ ilà kúkúrú mẹ́ta tí ó dúró lóòró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àbàjà ní tirẹ̀ jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó dùbúlẹ̀. Ẹni tí ó gbé mẹ́ta inú pélé dùbúlẹ̀ kò yọ ilà kankan kúrò, ó sì ti kọ orúkọ mìíràn sójú olójú.

Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kí ó yé ni. Kí a sọ pé àwọn ọmọ bàbá kan tí ó ti di olóògbé fẹ́ sọ fọ́tò rẹ̀ àtijọ́ di àwòrán ọ̀dà fún àdúrà ìrántí. Bàbá kọ àbàjà mẹ́rin-mẹ́rin, ó wé láwànì, ó mú tẹ̀sùbáà dání. Fọ́tò náà kéré. Ojú bàbá inú rẹ̀ kò ju ínǹṣì kan lọ. Ohun tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ mú jáde dára lójú: aṣọ ń tàn, ẹ̀yìn àwòrán tutù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ń dán bí ẹyin, láwànì ti di fìlà kan tí kò sẹ́ni tí ó mọ̀ ọ́n, tẹ̀sùbáà sì ti di ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹ̀rọ náà kò bínú sí bàbá. Ojú tí kò kọlà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán tí a fi kọ́ ọ níṣẹ́, nítorí náà ó ka ilà tín-ínrín sí ìdọ̀tí tàbí ìhunjọ awọ, ó sì nù ún. (Kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀rọ: àwọn onífọ́tò àtijọ́ pàápàá a máa fi pẹ́ńsù tún fíìmù ṣe kí ojú oníbàárà lè dán.) Bí ó bá sì jẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó yà á, ewu mìíràn wà. Bí ẹnu búrọ́ọ̀ṣì bá fẹ̀ ju àlàfo àárín ilà lọ, ilà mẹ́rin yóò wọnú ara wọn, wọn yóò di mẹ́ta tàbí àbàwọ́n kan ṣoṣo.

Kíkà ni àtúnṣe rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí ayàwòrán tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó ka ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti ti òsì, kí ó sì kọ iye wọn sílẹ̀. Kí ó wò ó bóyá fọ́tò náà yí sódì, nítorí fóònù mìíràn a máa yí àwòrán tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yà padà bíi ti dígí. Bọ́tìnì ẹ̀wù ọkùnrin, tí ó sábà máa ń wà lápá ọ̀tún ẹni tí ó wọ̀ ọ́, yóò tú àṣírí rẹ̀. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tí ó kọ bààmú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, tàbí fún babaláwo tí ìdè Ifá wà ní ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó mú kí ojú inú àwòrán tóbi tó kí ilà lè ya ara wọn sọ́tọ̀. Kí ó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, láwànì àti ọwọ́ tí ó mú tẹ̀sùbáà, kí ẹ̀rọ má lè dé ibẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lórí aṣọ àti ẹ̀yìn àwòrán nìkan. Ọwọ́ ni kí ó wá fi ya ilà padà, kí ó jẹ́ kí wọ́n tẹ̀lé ìtẹ̀kọ́rọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí ilà kì í tọ́ bí èyí tí a fi rúlà fà. Nígbà tí ó bá parí, kí ó gbé e fún àgbà kan nínú ẹbí náà láìsọ iye kankan fún un, kí ó bi í pé, “Ilà wo nìyí?” Bí ìmọ́lẹ̀ iwájú bá ti pa ilà rẹ́ nínú fọ́tò, tí kò sì sí ẹni tí ó rántí rẹ̀ mọ́, ó sàn kí ó ṣe bàìbàì bí ó ti wà ju kí ayàwòrán lọ yan ilà láti inú ìwé.

Nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀, ilà lè nípọn sí i bí imú ti ń tóbi sí i. Iye rẹ̀ àti ìdúró rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ yẹ̀. Bí ilà nìkan bá ti ń tóbi tí ohun mìíràn kò tóbi, a jẹ́ pé olójú ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín.

Ti ìbòrí tún lágbára ju ti ilà lọ. Ẹni tí ó nu ilà fi ohun tí olójú fi han ayé pamọ́. Ẹni tí ó ṣí hìjáàbù kúrò lórí obìnrin fi ohun tí obìnrin náà fi pamọ́ han ayé. Kò sì mọ irun rẹ̀ rí! Irun tí ó yà sí i lórí, irọ́ ni, irọ́ tí ó sì tú ènìyàn síhòòhò ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ká ìlẹ̀kẹ̀ ìbòjú adé kúrò kí ojú ọba lè hàn. Wọ́n ní kí ẹwà lè yọ ni. Ṣùgbọ́n a kò bi ẹni tí ó bo ara rẹ̀ bóyá ẹwà ni ó ń wá. Kódà àfikún lè ba àwòrán jẹ́: ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ kì í wọ bàtà sí sùtánà, ayàwòrán tí ó bá sì fún un ní bàtà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè bójú mu ti sọ ọ́ di ẹlòmíràn.

Ó ku àtakò kan tí ó wúwo. Ọ̀pọ̀ tí ó kọlà ni kò yàn án. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n, ọ̀bẹ olóólà sì mú. Àwọn ẹgbẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín nílé ìwé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 ti ka kíkọlà fún ọmọdé léèwọ̀. Kí ni ó dé tí a ó fi tọ́jú ohun tí òfin ti kọ̀? Ṣùgbọ́n òfin ń dáàbò bo awọ tí ọ̀bẹ kò tíì kàn. Kò sọ pé kí a pa ojú tí ó ti kọlà rẹ́. Bí ìyá tí ó kọ pélé bá jókòó níwájú ayàwòrán, tí ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí ó yọ ọ́, kí ó yọ ọ́: ojú rẹ̀ ni. Bàbá inú fọ́tò kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ dídán fún yàrá tirẹ̀, ayàwòrán lè ya méjì. Èyí tí ó ní àbàjà mẹ́rin-mẹ́rin ni kí wọ́n kọ orúkọ bàbá sí nísàlẹ̀.