Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Bí òǹkọ̀wé bá mẹ́nu ba ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀kùn lásán ni. Ṣùgbọ́n bó bá ń mú un padà wá, tí nǹkan kan sì ń yí padà nípa rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ó yẹ ká bèèrè ohun tó ń tipa rẹ̀ sọ. Mo fẹ́ fi Purple Hibiscus, ìwé ìtàn àròsọ tí Chimamanda Ngozi Adichie gbé jáde ní 2003, wo ọ̀rọ̀ yìí.

Kambili, ọmọ ọdún 15, ló ń sọ ìtàn náà. Nílé wọn ní Énúgù, ó gbọ́ gbì, gbì láti yàrá àwọn òbí rẹ̀. Ó sọ fún ọkàn ara rẹ̀ pé ilẹ̀kùn ló há, tí bàbá òun ń gbìyànjú láti ṣí i. Kò pẹ́ tí bàbá fi gbé ìyá jáde lórí èjìká, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀. Ilẹ̀kùn yìí bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀, ọmọ náà sì ń bá a bò ó, nítorí òtítọ́ ju agbára rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá wọn obìnrin ní Ńsúká, níbi tí ọmọdé ti ń sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, Jaja, ẹ̀gbọ́n Kambili, ní kí bàbá fún òun ní kọ́kọ́rọ́ yàrá òun. Bàbá kọ̀, lójú tirẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ni ọmọ lè fi í dá. Ibí yìí ló dùn mí jù. Bàbá kan náà ló ni ìwé ìròyìn tó ń ta ko ìjọba ológun, wọ́n tilẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn nítorí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ẹni tó ń jà kí aráàlú lè sọ̀rọ̀ kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Àgbà lè ní kí ni ọmọdé ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣe. Nínú ilé pákó orí omi níhìn-ín, aṣọ ìkélé lè pín yàrá, kí a máa gbọ́ bí olúkúlùkù ṣe ń hanrun, kó má sì pa ẹnikẹ́ni lára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rù kò sí ni aṣọ ìkélé ti tó.

Nígbà tó yá, Jaja fi tábìlì ìkàwé rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Bàbá tì í, kò ṣí. Nítorí náà, n kò fara mọ́ àwọn tó máa ń kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ilẹ̀kùn títì túmọ̀ sí ìgbèkùn, tí wọ́n á sì fàlà sí i nídìí. Ilẹ̀kùn tí bàbá ń ṣàkóso jẹ́ ìgbèkùn. Èyí tí Jaja dí jẹ́ ààbò. Igi kan náà ni, ọwọ́ ló yàtọ̀.

Ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ló kẹ́yìn. Ìyá fi májèlé pa bàbá, Jaja sì ní òun ni. Ọmọ tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ dù fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi tí àjèjì á ti máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún bí ọdún mẹ́ta, tí ìyá àti àbúrò rẹ̀ sì ń fún àwọn wọ́dà lówó kí wọ́n lè rí i. Ṣé ìgbèkùn tún ni èyí? Mo rò pé òun ló yan ilẹ̀kùn yìí fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí ìwé ń parí lọ, ojú rẹ̀ ti le, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.