Lẹ́tà Méjì, Orúkọ Kan

Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ó ti pẹ́ tó ti ń san owó adójútòfò ẹ̀mí. Ilé-iṣẹ́ náà fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i pé àwọn fẹ́ NIN rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ àti ìwé owó iná tó fi àdírẹ́sì ilé rẹ̀ hàn. Wọ́n sọ ìdí rẹ̀: òfin ọdún 2022 tó lòdì sí fífọ owó ẹ̀gbin mọ́ ló ní kí wọ́n mọ oníbàárà wọn dájú. Wọ́n tún ní bí orúkọ inú ìwé àdéhùn kò bá bá ti NIN mu, ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá wá gba owó ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ àwọn tí yóò rí ìwé náà àti bó ṣe máa pẹ́ tó lọ́wọ́ wọn. Kó mú un wá sí ọ́fíìsì wọn tó sún mọ́ ọn, wọn ò kán an lójú. Màmá ní ó di Sátidé.

Kí Sátidé tó pé, òmíràn dé. Àmì ilé-iṣẹ́ kan náà ló wà lórí rẹ̀. Èyí ní bí kò bá dáhùn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo owó tó ti san wọgbó. Ẹ̀rù bà á, ó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀, ó kọ NIN, BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà mẹ́fà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín. Ẹ bá mi kà á, ká lè parí ètò yín."

Màmá kà á. Owó ọjà bá rá.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tẹ orúkọ ẹni tó fi lẹ́tà kejì ránṣẹ́, `@gmail.com` ló wà níwájú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ bá èyí tó wà lára ìwé àdéhùn mu. Orúkọ nìkan ni fóònù máa ń kọ síta. Àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́ kó tó rí àdírẹ́sì gan-an.

Kì í ṣe NIN ló gbé owó náà lọ. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, ìyẹn OTP, ló ṣílẹ̀kùn. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè béèrè ìwé ìdánimọ̀, kò ṣẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ká sì ní kí wọ́n tún èyí tó bá kù díẹ̀ káàtó ṣe. Ṣùgbọ́n OTP àti PIN káàdì? Kò sí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe.

Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà tó wà lára ìwé àdéhùn yín ni kí ẹ pè, kì í ṣe ti inú lẹ́tà. Bí ẹ bá sì ti ka OTP fún ẹnikẹ́ni, báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa, kí ẹ tó sọ fún ará ilé.