Iṣẹ́ Ẹrú, Ìjíṣẹ́ Ọmọ

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí òwe yìí ṣe bá ẹni tó ń jíṣẹ́ ọba wí, bẹ́ẹ̀ náà ló bá akọ̀wé ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wí, pàápàá láyé tí alága ń sọ̀rọ̀ sínú Wásáàpù lálẹ́, tí yóò sì ní kí akọ̀wé "bá òun kọ ọ́ dáadáa". Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan yẹ̀ wò. Ká ní alága fi ohùn ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́rú pé:

"Àsàlámù àléékúmù o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ààwẹ̀ ti dé tán, pọ́ǹpù yẹn ò sì tíì fa omi. Ẹ jẹ́ ká ríra ní Sọ́ńdè, tá a bá ti kírun Aláásárì tán. Owó tá a sọ lọ́jọ́sí, ẹ mú un dání. Àwọn tí kì í wá, wọ́n mọ ara wọn, a ò ní gbà á lọ́tẹ̀ yìí!"

Kò sí ohun tó burú nínú ohùn yìí. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Àwọn tó gbọ́ ọ mọ pọ́ǹpù tó ń wí, wọ́n mọ owó náà, wọ́n sì mọ bí alága ṣe ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri kò ní ohùn. Ẹni tó wà lẹ́yìn odi nígbà tí wọ́n dá owó náà yóò kà á, ẹni tó máa wo fáìlì lọ́dún tó ń bọ̀ náà yóò kà á. Odidi ni kí ó bá níbẹ̀.

Nítorí náà, kí akọ̀wé tó kọ ohunkóhun, ìbéèrè ló yẹ kó kọ́kọ́ bi alága. Ta là ń pè, ṣé ìgbìmọ̀ nìkan ni àbí gbogbo jàmáà? Owó wo ni, èèló ni, ìpàdé wo ló sì fọwọ́ sí i? Ibo la ó jókòó sí? "Lẹ́yìn Aláásárì" kò tó, torí pé mọ́ṣáláṣí kan lè ti kírun tán kí ìkejì tó pèrun. Aago ni kí a kọ. "Sọ́ńdè" náà kò tó, torí ẹni tó bá ṣí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé lè rò pé ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Ibi tí mo ti máa ń rí i tí akọ̀wé ń kọsẹ̀ jù ni ìwé òfin. Bí òfin ìgbìmọ̀ bá ní kí a kéde ìpàdé ní ọjọ́ méje ṣáájú, ọjọ́rú sí ọjọ́ Àìkú kò pé. Ìpàdé pàjáwìrì ni yóò jẹ́, bí òfin bá fàyè gbà á, ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú ìkéde nìkan la ó sì sọ níbẹ̀. Kí a má kọ "pàjáwìrì" láti fi dẹ́rù bani. Ẹni tó bá takò ìpinnu ìpàdé yóò béèrè bí a ṣe pè é.

Lẹ́yìn tí alága bá ti dáhùn, ohun tí akọ̀wé lè kọ rèé:

"ÌKÉDE ÌPÀDÉ PÀJÁWÌRÌ
4 oṣù Kejì, ọdún 2026

Àsàlámù àléékúmù. A fi ọ̀wọ̀ pe gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ sí ìpàdé ní ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù Kejì, ọdún 2026, ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ní ilé kéú. Ọ̀rọ̀ tí a ó jíròrò ni àtúnṣe pọ́ǹpù ibi àlùwàlá ṣáájú ààwẹ̀. Kí ẹni tí kò tíì san 5,000 náírà tí a fẹnu kò sí ní ìpàdé 11 oṣù Kíní san án fún akápò. Ó pọn dandan kí gbogbo wa pé. Kí ẹni tí kò bá ní lè wá fi tó akọ̀wé létí kó tó di alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Akọ̀wé, lábẹ́ àṣẹ Alága."

Ẹ wo ibi tí ìbínú alága gbà lọ. "Wọ́n mọ ara wọn" ti kúrò, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá kà á lè sọ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kò sọ iṣẹ́ náà di yẹpẹrẹ: "ó pọn dandan" dúró síbẹ̀, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e sì ní kí ẹni tí kò ní lè wá fi tó akọ̀wé létí. Ìjíṣẹ́ ọmọ kò fún wa láyè láti yí iṣẹ́ padà. Akọ̀wé tó fi "ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá rọrùn" rọ́pò rẹ̀ ti jíṣẹ́ tí wọn kò rán an. Bákan náà ni ẹni tó fi owó ìtanràn tí alága kò dárúkọ kún un.

Kí alága ka ìwé náà kó tó jáde, torí àṣẹ rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ti jáde, kí a má tún fi ohùn alága yẹn ránṣẹ́ sórí Wásáàpù pẹ̀lú rẹ̀, kí àwọn kan má baà tẹ̀ lé "lẹ́yìn Aláásárì", kí àwọn kan sì máa dúró de aago mẹ́rin ààbọ̀. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, ìkéde tuntun ni kí a kọ, pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀, kí ó sì sọ pé òun ló rọ́pò ti 4 oṣù Kejì. Kí akọ̀wé fi méjèèjì sínú fáìlì.