Àṣìṣe Tí Ń Padà Wá

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí òǹkọ̀wé ṣàṣìṣe? Rárá o. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe kan náà bá hàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò sì kọ ọ́ sílẹ̀, ẹrù tirẹ̀ ni ó ń dì ru olùkàwé.

Ẹ wo àmì ohùn. "Ọba wá" ni pé ó dé. "Ọba wà" ni pé ó ń bẹ. "Ọba wa" ni pé tiwa ni. Ojú ẹni tí ó kọ ọ́ kì í tètè rí àmì tí ó sọnù, nítorí ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ó ń kà.

Nítorí náà, kí ó má ṣe kọ "Ṣọ́ra fún àmì" sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, nítorí èyí kò ṣe é yẹ̀ wò. Kí ó kọ ọ́ pé: "Wá gbogbo 'wa' rí: dídé ni, wíwà ni, tàbí tiwa?" Kí ó wá èyí nìkan, láti ìparí ìwé sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ìtàn má baà gbé ojú rẹ̀ lọ. Bí ìwé márùn-ún bá mọ́ tónítóní, kí ó pa ìlà náà rẹ́.

Àṣìṣe tí a ti mọ̀ nìkan ni àkọsílẹ̀ yìí ń mú. Ti tuntun ń fẹ́ ojú ẹlòmíràn.