Ìbéèrè Tí Áńgẹ́lì Bi Hágárì

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 16:7-8, 21:14-19

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní sáà tó kọjá, arákùnrin kan tó wà ní ọdún kejì kan ilẹ̀kùn yàrá mi ní Ali Kazaure, níbí ní Jọ́ọ̀sì. Kò tíì jókòó tó fi sọ pé, “Bọ̀dá, mi ò mọ ohun tí màá ṣe mọ́.” Mo dá a lóhùn bí a ṣe máa ń dáhùn. Mo ka Sáàmù kan fún un, mo ní Ọlọ́run kì í sùn, mo sì gbàdúrà. Ó ṣe àmín, ó dúpẹ́, ó dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn kí n tó rántí pé mi ò tíì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Hágárì ló wá sí mi lọ́kàn. Nínú orí kẹrìndínlógún Jẹ́nẹ́sísì, Sáráì àti Ábúrámù sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ìránṣẹ́bìnrin ni wọ́n ń pè é. Áńgẹ́lì Olúwa tó bá a lẹ́bàá ìsun omi lójú ọ̀nà Ṣúrì ló kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀, ó sì bi í ní ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Ẹ wo ìdáhùn rẹ̀ dáadáa: ó sọ ẹni tó ń sá fún, kò sọ ibi tó ń lọ. Kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí “mi ò mọ ohun tí màá ṣe” túmọ̀ sí nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni náà lè sọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bí a bá béèrè. Iwájú ló ṣókùnkùn. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni ká ti bẹ̀rẹ̀. (Òótọ́ ni pé áńgẹ́lì ní kó padà sọ́dọ̀ Sáráì. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí lé ẹni tí wọ́n ń lù padà sílé.)

Mo ní kó jókòó. Iná ti lọ, òtútù sì mú, mo da búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Mi ò bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe báyìí, torí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń dún bí ẹjọ́. Mo ní, “Kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí?” Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn, ẹnu sì ń yún mi, àmọ́ mo mú un mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló ní ọjọ́ tí àwọn yóò ti fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ti kù sí ọ̀la, owó ilé ìwé òun kò sì sí lọ́wọ́ mọ́. Ó ti fi í ra èlé orí fóònù kan tó ní yóò di ìlọ́po méjì.

Mo tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún un: “Ṣé bí mo ṣe gbọ́ ọ ni pé owó tó sọnù ló ń dà ọ́ láàmú?” Ó mi orí. “Kì í ṣe owó, bọ̀dá. Màmá mi ló kó èsúsú rẹ̀ fún mi. Mi ò lè sọ fún wọn.” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ká ní mi ò tún un sọ kó lè bá mi ṣàtúnṣe ni, ǹ bá ti máa wá owó kiri fún ẹni tí ìtìjú ń pa.

Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kí n bi í ní ìbéèrè tó le jù. Hágárì náà, nígbà tí omi tán nínú ìgò rẹ̀ ní aginjù Bíáṣébà, ikú ló ń retí. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń bẹ̀rù pé bí a bá dárúkọ ikú, a ó fi í sí ẹni náà lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀; àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ìbéèrè kì í gbìn ín, ìtura ló máa ń mú wá. Mo rọra ní, “Ṣé o ti ń rò ó pé kí o pa ara rẹ?” Ó sunkún. Ó ní láti ọjọ́ Àìkú ni. Mo bi í bóyá ó ti pinnu bó ṣe máa ṣe é, bóyá ohun tó fẹ́ lò wà ní yàrá rẹ̀. Ó ní rárá, òun kàn ń rò ó ni. Ká ní ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti ní kí ẹnìkan lọ kó o kúrò lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ṣèlérí yẹn. Mo ní, “Mi ò ní rò ó kiri, ṣùgbọ́n mi ò lè dá gbé èyí. Ta ni o fẹ́ ká sọ fún?” Ó mú ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wa. Ó sun yàrá mi, èmi sun ilẹ̀. Ní àárọ̀, a mu tíì lọ́dọ̀ máì ṣáyì, ẹ̀gbọ́n náà dé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lọ rí dókítà kí a tó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ owó rárá.

Ní ọ̀sán ló tó ní kí n jókòó ti òun kí òun lè pe màmá òun. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màmá bi í, mo gbọ́ ọ láti inú fóònù: “Ṣé o ti jẹun?”